Fèrèsé ń sún kì tí mo bá fà á láti láàpútọ́ọ̀pù lọ sórí mọ́nítọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ ìwé ìpè ìnáwó ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú. Láàpútọ́ọ̀pù mi jẹ́ ínṣì 14, `Windows 11` ló wà lórí ẹ̀. Mo ra mọ́nítọ̀ ínṣì 24 àlòkù, mo so wọ́n pọ̀. 1920 x 1080 ni àwọn méjèèjì, àmọ́ `Scale` ti láàpútọ́ọ̀pù wà ní 150%, ti mọ́nítọ̀ ní 100%.

Fèrèsé tó gba bí ìdajì ojú láàpútọ́ọ̀pù, tí mo bá fi máòsì fà á kọjá, kò ní yí padà lákọ̀ọ́kọ́. Àfi tó bá ti kọjá dé àárín, ló bá sún kì lójijì, kò tún wá tó ìdá mẹ́ta ojú mọ́nítọ̀ mọ́. Tí mo bá dá a padà, á tún fẹ̀.

Mo gbé méjèèjì sí 100%. Fèrèsé kò sún kì lójijì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà orí láàpútọ́ọ̀pù wá kéré bí èèrà. Mo gbé méjèèjì sí 150%, gbogbo nǹkan gbórín lórí mọ́nítọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àyè iṣẹ́.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ètò ìṣirò owó mi àtijọ́: òun kì í tún ara ẹ̀ ṣe, ṣe ni lẹ́tà ẹ̀ máa ń ṣú bàìbàì. Mo rí `Override high DPI scaling behavior` nínú `Compatibility` ẹ̀. Ṣé `Application` ni kí n mú níbẹ̀, àbí `System (Enhanced)`? Ṣé 125% lórí láàpútọ́ọ̀pù nìkan máa dín sísún kì yìí kù?