Láti "o" bọ́ sí "ẹ": bí mo ṣe béèrè owó mi lédè Faransé

Aránṣọ Líl: Mo rán aṣọ fún ilé-ìtajà kan níbí ní Líl, ní ilẹ̀ Faransé, 850 yúrò, ó yẹ kí wọ́n san án ní 31 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ pé, owó ò dé. Èmi àti obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti mọwọ́ ara wa, "tu" la máa ń pe ara wa, bí "o" tiwa. Nígbà tó di 7 Oṣù Kẹrin, mo kọ ọ́ báyìí: "Sauf erreur de ma part, je n'ai pas encore reçu ton règlement." Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò tíì rí owó náà gbà, àmọ́ ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í. Ó fún un láyè láti san láìtijú. Mo tún fi ìwé-owó náà sí i, kó má bàá ní òun ò rí i.

Kò dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo kọ òmíràn. Mo yọ "sauf erreur" kúrò, mo kọ nọ́ńbà ìwé-owó, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó ti kọjá, mo ní kó san "avant le 30 avril", kó tó di 30 Oṣù Kẹrin. Ó ní owó ti wà lọ́nà. Títí di òní, mi ò rí i.

Ọmọ Kútọnu: Ìwé kọ́ ni! Oníbàárà mi ní ọjà Dàńtókpà jẹ mí lówó, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti sanwó.

Ìyá Oge: Fi 40 yúrò kún un, owó wàhálà gbígba gbèsè tó pẹ́. Òfin ni. Mo fi kún ti ìyàwó tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.

Bàbá Ìṣirò: Ìyá Oge, oníṣòwò sí oníṣòwò ni 40 yúrò wà fún. Ìyàwó yẹn kì í ṣe oníṣòwò, ẹ dá a padà fún un. Aránṣọ, tìrẹ bá a mu. Kọ "Mise en demeure", ìyẹn ìkìlọ̀ pé kó san gbèsè, gàdàgbà sórí ìwé kẹta, fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ, kí o sì fi ránṣẹ́ ní lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà á. Ìwé ìfọwọ́sí yẹn lo máa fi han ilé-ẹjọ́ bó bá débẹ̀. Àti pé "vous" ni o, kì í ṣe "tu" mọ́.

Aránṣọ Líl: Ẹ̀gbọ́n, "vous" yẹn ló nira jù fún mi. Bí ìgbà tí mo kúrò lórí "o" bọ́ sí "ẹ" fún ọ̀rẹ́ mi ló rí, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Aránṣọ Líl: Ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ẹtì 850 wọlé, 40 ò sí níbẹ̀. Ó tún béèrè bóyá mo lè rán aṣọ ìgbà òtútù.

Ìyá Oge: Gba 40 rẹ!

Bàbá Ìṣirò: Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò ní béèrè rẹ̀. Ìdajì owó iṣẹ́ tuntun yẹn ni màá kọ́kọ́ gbà kí n tó gé aṣọ.