Sìkírábù: Q wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n dì í mú ni àbí kí n dá a padà sápò?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lọ́sàn-án Àìkú tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé Mọ́kọ́lá ta Sìkírábù lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa. A ti ta á dé ìdajì, máàkì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹyọ 38 ló kù nínú àpò. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni A E N Q R S V. Mo fi VANE gba 14, mo sì di Q mú pé U ń bọ̀. U ò dé. Q yẹn bá mi dé ìparí, ẹ̀gbọ́n sì fi máàkì 17 nà mí. Èwo ló yẹ kí n dì mú nínú wọn, èwo ló yẹ kí n pààrọ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àlàbí Ọ̀jẹ́
Kò sí ohun tó burú nínú ohun tó o ṣe, àbúrò. Máàkì 10 ni Q. Ta ló ń kó 10 dà nù? Ohun tó bà á jẹ́ ni pé o ò ní U nílẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí U tán lọ́wọ́ mi títí Q á fi jáde. Nípa ti pípààrọ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ ti fi ìgbà tirẹ̀ tọrẹ nìyẹn, kò ní gba nǹkan kan. Wellington Jighere tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún wa ní Pẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015, ṣebí ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ni wọ́n ní ó fi gbà á. VANE kúrú, ó dáa.

Àǹtí Lẹ́tà
Ọmọ Òkè-Àdó, kí n tó sọ tèmi, U nìkan lo dárúkọ. Ṣé I kankan ò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ láti ìgbà náà títí eré fi parí?

Ọmọ Òkè-Àdó
Méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́, Àǹtí. Mo fi ọ̀kan kọ RIPE, mo fi èkejì kọ TIN. Kí ni I fẹ́ bá Q ṣe?

Àǹtí Lẹ́tà
Háà! Ibẹ̀ gan-an ni eré ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. QI wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Collins tí à ń lò fún ìdíje nílẹ̀ yìí. Q àti I, ó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣeé ṣe kó o sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, tí àyè bá wà lójú bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ẹyọ wò ó. U mẹ́rin péré ló wà nínú ẹyọ 100, I sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ká ní nígbà tó o fẹ́ kọ VANE, U mẹ́ta àti I márùn-ún ti wà lójú bọ́ọ̀dù, tí bílánkì méjèèjì náà sì ti jáde. Ẹyọ tí o ò tíì rí jẹ́ 45, ìyẹn 38 inú àpò àti méje ọwọ́ ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá. U kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. O kọ VANE, o fa ẹyọ mẹ́rin. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 100, U á jáde sí ọ nígbà 9 péré. Ṣùgbọ́n tó o bá ka I mẹ́rin tó kù mọ́ ọn, ó di nǹkan bí ìgbà 39. Q kan náà ni, àpò kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé o ò mọ ẹni tó ò ń retí.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí, ẹ má bínú, ti pé kí èèyàn máa tọ́jú U de Q, mi ò gbà á. Nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fa ẹyọ mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta péré nínú 100 ni Q á bá a wá. Gbogbo ìgbà tó kù, U yẹn kàn ń gba àyè lẹ́tà tó lè ṣiṣẹ́ ni. U burú lọ́wọ́ ju bí máàkì 1 tí wọ́n kọ sí i lára ṣe jọ lọ. Tó bá di méjì, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọ̀kan sí kíá.

Akéwì Yemẹtu
Ẹ ṣeun fún àkọlé yìí o. Èmi àti àwọn ọmọ iléèwé mi ń gé páálí láti fi ṣe Sìkírábù èdè Yorùbá. A ti yọ C, Q, V, X àti Z kúrò. Ẹ gba èmi náà nímọ̀ràn: A mélòó ló yẹ kí n gé? Ṣé GB á jẹ́ ẹyọ kan, àbí kí wọ́n máa to G àti B pọ̀? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní kí a fún Ṣ ní máàkì 10 nítorí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Lẹ́tà
Akéwì, ọ̀rọ̀ tiyín tó àkọlé lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Alfred Butts tó dá eré yìí sílẹ̀ gbà náà ni kí ẹ gbà. Ìwé ìròyìn ló ṣí sílẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó pọ̀, ó fún un ní ẹyọ púpọ̀ àti máàkì kékeré. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, ó fún un ní ẹyọ kan àti máàkì ńlá. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá kan, kí àwọn ọmọ pín ojú ewé rẹ̀ ṣe, kí wọ́n kà á. Ní ti GB, lẹ́tà kan ni nínú 25 tí a ní, èmi á gé e ní ẹyọ kan. Ẹlòmíì lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kíkà yẹn náà ló jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ọmọ Òkè-Àdó. Ìwé ìròyìn sọ fún Butts bí lẹ́tà ṣe ṣọ̀wọ́n tó, kò sọ bó ṣe rọrùn láti gbé kalẹ̀. Ẹ wo Q àti Z: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, 10 ni máàkì àwọn méjèèjì. Z ní ZA àti ZO, ó sì wọ inú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Q ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ wo V náà: 4 ni wọ́n kọ sí i lára, kò sì ní ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì kankan nínú Collins, nítorí náà kì í ṣeé rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀rọ̀. S ńkọ́? Máàkì 1 péré, ẹyọ mẹ́rin ni Butts fi sí i nítorí kó má baà sọ eré di yẹpẹrẹ. Àwọn tó ń ta á dáadáa kì í fi S sílẹ̀ àyàfi tó bá máa fi nǹkan bíi máàkì 8 kún ohun tí wọn ì bá gbà láìsí i. Bílánkì tí kò ní máàkì rárá, 25 sí 30 ni wọ́n kà á sí.

Torí náà, A E N Q R S V yẹn, èmi á dá Q àti V padà, máa sì di A E N R S mú. Wò ó bí àpò bá gbé I àti T wá: RETAINS. P àti T: PARENTS. G àti D: GARDENS. O àti S mìíràn: REASONS. E àti T: EARNEST. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń mú ẹ̀bùn 50 wá yàtọ̀ sí máàkì ọ̀rọ̀ náà, tí ibi tó máa jókòó bá wà. Lẹ́yìn VANE, Q R S ló kù sí ọ lọ́wọ́. Mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣàìsàn.

Jagun Challenge
Àǹtí, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí bọ́ọ̀dù náà. Tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti dí, níbo ni GARDENS máa wọ̀? 14 tó wà lọ́wọ́ sàn ju 50 tó wà lójú ọ̀run lọ. Ohun kejì: ẹ dá Q padà sápò, ẹni tí ẹ̀ ń bá ta á lè fà á, ó sì lè ní I lọ́wọ́. Tí I bá wà lójú bọ́ọ̀dù, tó gbé Q sí àpótí tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tó fi I tirẹ̀ kọ QI lọ́tùn-ún àti nísàlẹ̀, 62 nìyẹn. Ojú mi ti rí i rí.

Àǹtí Lẹ́tà
Bọ́ọ̀dù tó dí, òótọ́ lẹ sọ, ìyẹn lè yí èrò mi padà. Kí Ọmọ Òkè-Àdó wò ó bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méje lè gbà wọlé tó méjì. Tí kò bá sí rárá, kó kọ VANE rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti pé ẹnìkejì á fa Q, mi ò bẹ̀rù ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ 38 ló wà nínú àpò lẹ́yìn pípààrọ̀. Tó bá fa mẹ́rin, ìgbà 10 sí 11 nínú 100 ni Q á wà níbẹ̀, ìdààmú Q á sì di tirẹ̀. Ìwọ tó o pààrọ̀ kò lè fa Q yẹn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ẹyọ tuntun là ń kọ́kọ́ fà ká tó da ti àtijọ́ sápò.

Jagun Challenge
62 yẹn ṣì ń dùn mí o. Èmi á kọ VANE.

Àlàbí Ọ̀jẹ́
Èmi náà. Ṣùgbọ́n màá lọ kọ́ QI yẹn.

Àǹtí Lẹ́tà
Ẹ kọ́ QAT, QAID, FAQIR àti TRANQ mọ́ ọn. WAQF àti NIQAB náà wà níbẹ̀, méjì yẹn ò ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn tó lọ ilé kéú.

Ọmọ Òkè-Àdó, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹyọ tó bá kéré sí méje nínú àpò, kò sí pípààrọ̀ mọ́. Nígbà tó o rí i pé àpò ti ń lọ sí bíi mẹ́wàá tí Q ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ìgbà yẹn ló yẹ kó o sọ fún ara rẹ pé àǹfààní ìkẹyìn nìyí. Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá parí ẹyọ tirẹ̀, wọ́n yọ 10 kúrò nínú tìrẹ, wọ́n fi 10 náà kún tirẹ̀. 20 nìyẹn. Pẹ̀lú 17 lo fi pàdánù.

Ọmọ Òkè-Àdó
Yéè! Máàkì 3 ni mi ò bá fi nà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí ibí yìí o.

A tún máa ta á lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọ̀ta ayò ṣe ń ka ọmọ ayò inú ilé ẹlòmíì ni mo fẹ́ máa ka I àti U báyìí, ṣùgbọ́n orí mi ò gbé e. Ṣé òfin gbà ká máa kọ ọ́ sílẹ̀?

Àǹtí Lẹ́tà
Ó gbà. Nínú ìdíje gan-an, wọ́n gbà kó o mú ìwé tí wọ́n ti to lẹ́tà 100 sí wá, kó o máa fagi lé èyí tó bá jáde. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ni wọn ò gbà, torí náà má kọ QI sí ẹ̀yìn rẹ̀.