Owó ń wọlé sínú àkáǹtì mi, kò jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ṣadé A.
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní àkáǹtì ìfowópamọ́ kan tí mo ṣí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 19. Nígbà tí mo yí iṣẹ́ padà, ibi iṣẹ́ tuntun ní báńkì mìíràn ni wọ́n ń san owó oṣù sí, bí mo ṣe pa ti àkọ́kọ́ tì nìyẹn. Ó tó ọdún mẹ́ta báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó jẹ mí lówó rí nọ́ńbà àtijọ́ yẹn lórí fóònù rẹ̀, ó sì san án síbẹ̀. Ó fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi, owó ti wọlé. Mo fẹ́ gbé e jáde, wọ́n ní àkáǹtì mi ti sùn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sùn! Mo wo sítétímẹ́ǹtì rẹ̀: oṣooṣù ni èlé tín-ín-rín ń wọlé, oṣooṣù náà ni wọ́n ń yọ owó wọn. Báwo ni àkáǹtì tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù ṣe wá di èyí tó sùn?

Bádé
Ẹ tètè sáré lọ o. Tó bá ti sùn báyẹn, ìjọba ló ni ín. Wọ́n máa ń kó o lọ ni, kò sì ní padà mọ́.

Akọ̀wé Àtijọ́
Bádé, díẹ̀ wà níbẹ̀, díẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọdún mọ́kànlélógún, nídìí káńtà àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tò ó. Ibi tí wọ́n ti ń kó owó kúrò ní báńkì jìnnà sí ọdún mẹ́ta. Ní Nàìjíríà, ọdún 10 ni kó tó lọ sọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀. Íńdíà náà, ọdún 10. Ní Ìlú Ọba, àwọn báńkì tó wà nínú ètò náà ń dúró di ọdún 15. Kódà tó bá lọ, ẹni tó ni ín tàbí àjogún rẹ̀ ṣì lè béèrè fún un.

Ṣadé, ìbéèrè rẹ gan-an ló dùn mọ́ mi. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àkáǹtì ni báńkì ń kà. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ bá ṣe ni wọ́n ń wò. Èlé tí wọ́n fi kún un, ẹ̀rọ wọn ló ṣe é. Owó tí wọ́n yọ, àwọn náà ni. Tí ìwé yẹn bá gùn tó ojú ewé mẹ́wàá tí kò sì sí ibì kan tí ọwọ́ rẹ kàn níbẹ̀, lójú báńkì, kò sẹ́ni tó wà ńlé. Lọ wo ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ gba owó tàbí fi owó ránṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ṣadé A.
Háà. Mo ti wò ó, òótọ́ ni, sà. Ìgbà tí mo kúrò ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n á fi tìlẹ̀kùn mọ́ mi? Owó mi ni.

Akọ̀wé Àtijọ́
Nítorí olè ni, olè inú ilé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ní ọkàn búburú kì í fọwọ́ kan àkáǹtì ẹni tí àlẹ́ẹ̀tì ń dún lára fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò ló ń wá. Á kọ́kọ́ yí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí rẹ̀ padà, kí àlẹ́ẹ̀tì má bàa dé ọ̀dọ̀ olówó. Lẹ́yìn náà, á béèrè káàdì tuntun. Ẹ̀yìn èyí ni owó á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjì lè kọjá kí olówó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì náà, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú báńkì kò fi lè ṣí i: ọ̀kan á gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ, á yẹ̀ ẹ́ wò, á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹlòmíì tó jù ú lọ á tún un yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i.

Torí náà, lọ sí ẹ̀ka wọn fúnra rẹ. Mú ìwé ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ẹ̀rí ibi tí o ń gbé, àti fọ́tò. Wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù ìjíǹde àkáǹtì. Báńkì míì gbà kí èèyàn ṣe é lórí áàpù, pàápàá tí nọ́ńbà fóònù kò bá yí padà. Ṣé o ṣì ń lo nọ́ńbà àtijọ́?

Ṣadé A.
Rárá, sà. Ó ti sọnù tipẹ́.

Ìyá Ìbejì
Tèmi náà rèé o. Bàbá wa kú lọ́dún tó lọ, àkáǹtì wọn náà ti sùn. Àbúrò mi mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì wọn, ó ní kí a kàn ṣe fọ́ọ̀mù yìí kí a fi orúkọ wọn buwọ́ lù ú.

Akọ̀wé Àtijọ́
Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó wà láàyè ló ń jí àkáǹtì rẹ̀. Ti ẹni tó ti kú ń gba ọ̀nà kóòtù, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ àbójútó ogún. Ìbuwọ́lùwé èké ni ohun tí àbúrò yín sọ yẹn, ọ̀ràn ni.

Ṣadé, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ló máa fa ìdádúró. Ìwọ náà máa jọ olè lójú ẹ̀rọ: nọ́ńbà tuntun, àkáǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, owó ńlá tó ń jáde, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Má gbé gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Gbé díẹ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ṣadé A. *(ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà)*
Mo ti lọ o. Ohun tó dá mi dúró kì í tilẹ̀ ṣe nọ́ńbà, ìbuwọ́lùwé ni! Ọmọbìnrin ìdí káńtà ṣí èyí tí mo ṣe nígbà yẹn sójú ẹ̀rọ: mo kọ orúkọ mi látòkè délẹ̀, mo tilẹ̀ fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Èyí tí mo ń ṣe báyìí kò ju “S” àti ìrù kan lọ. Ó ní àwọn méjèèjì kò jọra, ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi. Mo ní kí n gbìyànjú ti àtijọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn láti yí ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà padà, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n sì ya fọ́tò mi níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni àkáǹtì jí. Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi kejì, ó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo gbé ìyókù.

Bádé
Ẹ kú oríire! Ṣé owó tí ẹni yẹn san wọlé kò tó láti jí i ni? Òun náà ṣáà jẹ́ owó tó wọlé.

Akọ̀wé Àtijọ́
Ibi tí báńkì ti yàtọ̀ síra nìyẹn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í ka owó tí ẹlòmíì san wọlé. Mo mọ ibòmíì tí wọ́n ń kà á tí àkáǹtì kò bá tíì sùn pátápátá.

Ṣadé A.
Ó ku ọ̀kan, sà. Owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù nígbà tó ti sùn ńkọ́? Ṣé mo lè gbà á padà?

Akọ̀wé Àtijọ́
Ó dọwọ́ òfin ibi tí o wà àti ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí nígbà tí o ṣí i. Sàmì sí gbogbo ìlà tí wọ́n ti yọ owó lẹ́yìn ọjọ́ tó sùn, kọ lẹ́tà, kí o sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Tí wọ́n bá fèsì, gbé e wá síbí ká jọ kà á.