Ìpè mi ń yà sí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Nínú Kábà, ìpè ń wọlé geere. Bí mo bá ti dé oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, wọ́n ní ohùn kan tí kì í ṣe tèmi ló ń dáhùn.

```
*#21#
```

Mo tẹ èyí, ó ní wọn kò darí ìpè mi síbì kankan, àmọ́ ìdarí gbogbo ìpè nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ti ìgbà tí wọn kò lè kàn mí ló gbé nọ́ńbà náà jáde:

```
*#62#
```

Mo fi `##62#` pa á rẹ́. Mo pa fóònù, mo tàn án, ó tún ti padà. Mo gbé síìmù sínú fóònù mìíràn, bákan náà ni, nítorí náà kì í ṣe áàpù.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àpótí ohùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àbí nọ́ńbà ẹnìkan?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.