Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń ṣí kíláàsì àkọ́kọ́ ní sáà

Olùkọ́ Ìṣirò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 6 ni mo fi ṣe é bákan náà: mo wọlé, wọ́n dìde kí mi, mo sọ orúkọ mi, mo ka ohun tí a máa kọ́, mo wá ní, "Ṣé ìbéèrè wà?" Wọ́n ní, "Rárá, sà." Èmi sì gbà pé ó ti yé wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kan, ọmọ kan wá bá mi pé kí ni x ń wá láàárín nọ́ńbà. Mo ní kí ló dé tí kò béèrè lọ́jọ́ kìíní. Ó ní, "Ẹ ti ń palẹ̀ ìwé yín mọ́ nígbà tí ẹ bi wá, sà." Òótọ́ ni. Ó dùn mí wọra.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n lórúkọ, mo sì ń pè é padà kí wọ́n lè tún un ṣe fún mi. Nígbà tí kíláàsì dé ìdajì, mo pín bébà pélébé. Mo ní, "Ẹ kọ ohun kan tó ń rú yín lójú tàbí tó ń bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ má kọ orúkọ." Mo fún wọn ní ìṣẹ́jú 4. Nínú bébà 38, 6 péré ló béèrè nípa ìṣirò gan-an. 11 ló ń bi mí, lóríṣiríṣi ọ̀nà, pé bí àwọn bá ṣì í, ṣé wọ́n máa fi àwọn rẹ́rìn-ín? 5 ò ní nǹkan kan lára. Mo dáhùn 3 lójú ẹsẹ̀, mo lẹ ìyókù mọ́ ògiri, mo sì ń já a kúrò lọ́jọ́ tí mo bá dáhùn rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
O ṣeun, ọmọ mi. "Ṣé ìbéèrè wà?" fúnra rẹ̀ ló ń bí "rárá". "Ìbéèrè wo lẹ ní?" ni kí o sọ, kí o wá dákẹ́. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, èsì àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn fúnra wọn sì ń béèrè. Ìka ẹsẹ̀ mi nínú bàtà ni mo fi ń kà á.

Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè béèrè nípa ohun tí kò tíì rí. Èmi máa ń tan àbẹ́là, màá fi ife gíláàsì dé e títí á fi kú, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ọmọ kan ní, "Kí ló dé tí kò kú lẹ́ẹ̀kan náà?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi kọ́ ìyẹn. Bí wọ́n bá dákẹ́, wo ojú wọn. Ẹni tó ń ronú á máa wo àbẹ́là. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á máa wo ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà náà, ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ẹni tí wọ́n jọ jókòó sọ ọ́.

Olùkọ́ Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní kí wọ́n béèrè, ọmọ kan ní, "Ṣé ẹ ti gbéyàwó, sà?" Ẹ̀rín sọ, ìṣẹ́jú 10 lọ.

Olùkọ́ Ìṣirò
Òfin ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan tó fún èyí: "Ìyẹn tèmi ni, ta ló tún kàn?" Ẹ má bínú, ẹ má sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá bínú, ẹni tó ní ìbéèrè gidi á gbé tiẹ̀ mì.

Òbí Kan
Ọmọbìnrin tèmi ń béèrè jù nílé. Ṣé ẹ lè bá mi dá a dúró?

Ìyá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
Ẹ má dá a dúró o. Ẹ fún un ní ìwé kékeré kó máa kọ wọ́n sí, kó sì mú èyí tó dùn mọ́ ọn jù lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbàlagbà
Àwọn àgbà tí kò kàwé rí ni mo ń kọ́ nírọ̀lẹ́. Mo pín bébà bíi tiyín lọ́jọ́ kìíní. Bàbá kan yí tiẹ̀ sókè sódò, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, mi ò tíì mọ̀ ọ́n kọ, òun ni mo ṣe wá." Bàbá náà ò padà wá mọ́. Ẹnu nìkan la fi ń béèrè báyìí, ní méjì-méjì.

Olùkọ́ Ìṣirò
Háà. Bébà 5 tí kò ní nǹkan kan lára yẹn, mo pè é ní àìníbéèrè. Mi ò mọ ẹni tó ni wọ́n, torí èmi ni mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ. Ẹ̀yin tó ń jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ, ṣé wọ́n ń bi yín ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù?