Ipò 6 ni àbí ipò 7?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ bàọ́lọ́jì. Wọ́n fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ mRNA bẹ́tà-gilóbíìnì ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde:

AUG GUG CAU CUG ACU CCU GUG GAG

GAG ló yẹ kó wà níbi tí GUG kejì wà, torí náà glutáméètì ti di fálíìnì. Ìyẹn yé mi. (Lákọ̀ọ́kọ́, CAC orí okùn DNA tí wọ́n ń dà kọ ni mo gbé lọ sínú tábìlì kódónì, ó fún mi ní hisitidíìnì!) Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á láti AUG, ipò 7 ni. Olùkọ́ wa fagi lé e, ó ní 6 ni. Ṣé torí pé wọ́n máa ń gé mẹtiọníìnì àkọ́kọ́ kúrò lára purotéènì ni? Èwo ni kí n wá kọ nínú ìdánwò?