Orúkọ wo ló yẹ `Dodge` lédè wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́-ọnà, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìlànà kan ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà sọ fọ́tò ojú ènìyàn di àwòrán pẹ́ńsù. Àwọn fọ́tò tí à ń tò léra, mo ti pè wọ́n ní ìpele. Kí ni kí n pe `Dodge`, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ìpele òkè mú ti ìsàlẹ̀ mọ́ sí i? Kí ni kí n sì pe àwọn ilà tó ń gba orí ara wọn kọjá, tí ayàwòrán fi ń ṣe òjìji?

Olùkọ́ Èdè, Iléṣà:
Ẹni tí wọ́n ju òkò sí tó sì yẹ̀ ẹ́, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo dábàá ìyẹ̀. Ní ti ilà, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò: àbàjà ni.

Bàbá Oní-fọ́tò, Iléṣà:
Olùkọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkò ni wọ́n ń yẹ̀ níbẹ̀. Inú yàrá òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí a ṣì ń fọ fọ́tò dúdú-òun-funfun fúnra wa, iná á ti òkè gba inú nẹ́gẹ́tíìfù bọ́ sórí bébà, ibi tí iná bá sì ti pẹ́ jù ló máa ń dúdú jù. Tí ojú oníbàárà bá fẹ́ ṣú, a ó gé páálí kékeré, a ó so ó mọ́ wáyà tín-ín-rín, a ó sì fi ṣíji bo ojú náà. Bí bébà bá máa gba iná fún ìṣẹ́jú àáyá 20, mo lè ṣíji bo ojú fún 5 nínú rẹ̀, kí ó lè mọ́ díẹ̀ sí i. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró sójú kan o. Tó bá dúró, etí páálí á hàn bí òrùka funfun yí orí onítọ̀hún ká. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí fọ́tò ìyàwó tuntun kan, mo sì ní láti tún un fọ̀. Ìṣíjibò ni mo pè é.

Ìyá Ìbejì, Ìrẹmọ:
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi ṣe ti màmá mi tó lọ? Ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ètò sì ń dúró. Orí wáásáàpù ni wọ́n ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Ọmọ mi gbìyànjú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ó tún un ṣe, ojú màmá yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ gèlè dúdú orí wọn nù pátápátá, ibi irun sì rí bí ẹni pé ènìyàn da eérú sí i.

Ayàwòrán, Ilé-Ifẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ màmá, ẹ̀yìn wọn á dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò yín gan-an ló lè fi orúkọ tó yẹ hàn wá.

Ọmọ yín yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò náà, ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí, ó sì sọ ẹ̀dà yẹn di nẹ́gẹ́tíìfù. Nígbà tó wá yí ìpele òkè sí `Dodge`, ìṣirò kan ni kọ̀ǹpútà ń ṣe níbi gbogbo lára fọ́tò. A ni ìpele ìsàlẹ̀, B ni ti òkè. 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun:

```
255 × A ÷ (255 − B)
```

Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá jẹ́ 90. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ á jẹ́ 165. Ẹ yọ 165 kúrò nínú 255, 90 ló kù. Ẹ fi 90 pín 90, ó di ẹyọ kan, èsì rẹ̀ sì ni 255. Ibi gbogbo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi funfun báláú nìyẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó kù kó fi `Gaussian Blur` sọ ìpele òkè di bàìbàì ni. Lẹ́yìn èyí, ibi kọ̀ọ̀kan lókè á máa ru ìpíndọ́gba àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ìlà tó hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú màmá jẹ́ 60, àdúgbò rẹ̀ jẹ́ 80: èsì rẹ̀, 255 × 60 ÷ 80, á jẹ́ 191, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá àdúgbò rẹ̀ dọ́gba á ṣì funfun. Gèlè náà nìyẹn: 20 láàárín 20, etí rẹ̀ nìkan ló máa kù.

Eérú inú irun ńkọ́? Wáásáàpù ti fún fọ́tò náà pọ̀, ó sì fi àbàwọ́n wẹ́wẹ́ sínú dúdú. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n 8 láàárín 10 àti 160 láàárín 200 kò yàtọ̀ sí ìṣirò yìí. 204 ni àwọn méjèèjì. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ fi 40 kún gbogbo fọ́tò náà. 48 láàárín 50 á di nǹkan bíi 245, kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Tí fọ́tò orí bébà bá wà nílé, ìyẹn ló dára jù.

Nítorí náà, Bàbá, òótọ́ ni ìtàn ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìṣíjibò á máa retí òjìji, funfun ló sì máa rí. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu Ìyá Ìbejì ni mo gbà: ìfọ̀nù. Ohunkóhun tó bá bá aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba, a fọ̀ ọ́ nù.

Bàbá Oní-fọ́tò:
Àbúrò, fífọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fọ fọ́tò, ṣé ó fẹ́ kó funfun ni? Ìdàrú ni yóò dá sílẹ̀.

Olùkọ́ Èdè:
Mo kó ìyẹ̀ mi kúrò ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fèsì lórí àbàjà.

Ayàwòrán:
Ẹ má bínú, Olùkọ́. Àbàjà ń tò síbùú ni, ọ̀kan lábẹ́ èkejì; wọn kì í gba orí ara wọn kọjá. Ilà tí à ń sọ yìí ni yóò dá gèlè màmá padà. Orí ẹ̀dà fọ́tò àkọ́kọ́ tí a yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò ni mo ti ń wọn bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe dúdú tó, kì í ṣe lórí èyí tí a ti fọ̀ nù. Ibi tó bá dúdú ju 140 lọ gba ilà tó dagun sápá kan. Ibi tó bá dúdú ju 70 lọ tún gba ilà kejì, tó dá ti àkọ́kọ́ dábùú. Ìpele wọn wà ní `Multiply`, kí dúdú wọn lè hàn lórí àwòrán, kí funfun wọn sì pòórá. Hunhun ẹní ló máa ń rán mi létí, mo sì ń pè é ní ilà ẹní.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti kùnà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ojú á sì pẹlẹbẹ bíi pátákó. Ẹ lọ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n wú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938: àwọn tó ní ilà nínú wọn, ilà náà ń bá ẹran ojú yípo ni. Mo ṣì ń fi ọwọ́ tẹ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́-ọnà:
Mo gba ilà ẹní. Ní ti `Dodge`, mo ti kọ ìfọ̀nù sílẹ̀, mo sì fi ìtàn páálí àti wáyà Bàbá sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan náà.

Ìyá Ìbejì:
Mo rí ti orí bébà nínú àpótí wọn. Ṣùgbọ́n òfì ni gèlè èyí, ó ti ní ilà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ilà ẹní ò ní bá a jà?